Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Intáfíù Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Dàrú

Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lẹ́nu níbi intáfíù orí fídíò kì í sábà mọ ohun tó pàdánù. Ó ń gbọ́ àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè ketekete, ó sì gbà pé àwọn náà ń gbọ́ òun. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé sórí fóònù yàtọ̀ sí èyí tó ń gbà jáde, èyí tó ń gbà jáde ló sì sábà máa ń lọ́ra jù. Ohùn tó bá sọnù lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ kì í padà lọ mú un wá, torí bí ó bá ń dúró dè é, ọ̀rọ̀ á máa fà sẹ́yìn. Ohun tó ń dé etí ìgbìmọ̀ nígbà náà ni ìdajì gbólóhùn. Ẹlòmíràn nínú wọn á kàn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìdáhùn náà kò kún tó.

Ìdí nìyí tí lẹ́tà ìdúpẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fi ju ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán lọ. Ó láǹfààní láti dá ìdáhùn tó sọnù padà. Ó dunni pé ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi àyè náà bẹ̀: wọ́n á sọ ti iná tó lọ, ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ti dátà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, títí tí ẹni tó ń kà á kò fi ní rántí ohun mìíràn nípa wọn.

Kí ènìyàn tó kọ ọ́, ó yẹ kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti já. Tí ìgbìmọ̀ bá tún béèrè ohun tó ti dáhùn, tàbí tí dídákẹ́ wọn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni. Zoom náà máa ń kọ ọ́ sójú fóònù pé `Your internet connection is unstable`. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lásìkò náà ni kó sáré kọ sílẹ̀ ní kété tí intáfíù bá parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan ní Ìṣẹ́yìn bí àpẹẹrẹ, tó ń wá iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ̀ ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ìkẹjà. Bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe intáfíù, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ímeèlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àkókò yín fún mi lánàá. Inú mi dùn láti gbọ́ bí ẹ ṣe ń pín oògùn sí àwọn ẹ̀ka yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí mò ń dáhùn ìbéèrè lórí ẹrù tí kò bá ìwé mu, mo sì pa kámẹ́rà kí ohùn mi lè já gaara. Kókó ìdáhùn mi nìyí: páálí 480 ló wà nínú ìwé wa, ṣùgbọ́n 462 la kà nílẹ̀. Mo yẹ ìwé ẹrù tó jáde wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé páálí 18 ti lọ sí ẹ̀ka Àkúrẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, awakọ̀ kankan kì í gbẹ́rù jáde láìfọwọ́ síwèé. Mo ṣe tán láti ṣàlàyé sí i lórí fóònù.”

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló lọ sórí ìdíwọ́ náà. Kò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ta ló bàjẹ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ìgbìmọ̀. Ó sọ ìdí tó fi pa kámẹ́rà, torí ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó fara pamọ́ ni. Ohun tó ṣe sì dára: Zoom fúnra rẹ̀ ní fídíò ẹni méjì ń fẹ́ kílóbíìtì 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn nìkan kò sì ju bí 60 sí 80 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìdáhùn tó ti sọ níbẹ̀ ló tún sọ. Kò lo àyè náà láti gbé ìdáhùn tuntun tó dára jù wọlé, èyí tí ìgbìmọ̀ á tètè fura sí.

Kódà nígbà tí gbogbo ayé bá mọ ohun tó fà á, gbólóhùn kan náà tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó ṣe intáfíù lọ́jọ́ náà kò nílò láti ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó jọ bá a jìyà rẹ̀.

Kí lẹ́tà náà dé láàárín wákàtí 24, kí ìgbìmọ̀ tó parí máàkì. Bí kò bá ní àdírẹ́sì gbogbo wọn, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó pè é fún intáfíù, kó sì bẹ̀ ẹ́ láti bá òun fi tó àwọn yòókù létí. Bí ó bá sì jẹ́ pé díẹ̀ péré nínú intáfíù náà ló ṣeé gbọ́, lẹ́tà ìdúpẹ́ kò lè gbà á là. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó kọ̀wé béèrè fún àkókò mìíràn, kó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀.