Ọ̀rọ̀ Lára Ògiri Kí Síláìdì Tó Dé

Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan wá bá àwùjọ sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ṣí PowerPoint. Síláìdì òfìfo kan á yọ, àyè àkọlé wà lókè rẹ̀, àyè kókó ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀. Onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kún un. Kó tó dé síláìdì kẹta, ó ti ń wá àwọ̀ tó rẹwà, ó ti ń wá àwòrán tó bá a mu. Nígbà tó bá fi máa rẹ̀ ẹ́, síláìdì ti pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kí àwọn èèyàn náà mú lọ sílé, ìgbà yẹn ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú.

Àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun kì í bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nancy Duarte, ará Amẹ́ríkà tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá Al Gore ṣe àwọn síláìdì tí a rí nínú fíìmù rẹ̀ lórí ojú ọjọ́ ní ọdún 2006, gbani nímọ̀ràn pé ká kọ èrò wa sórí pépà kéékèèké alẹ̀mọ́, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní sítíkì nóòtù, ká sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kí a tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ Walt Disney ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930: wọ́n á ya ìtàn fíìmù sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi píìnì kàn án mọ́ pátákó, kí gbogbo wọn lè rí ìtàn náà tán kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Pépà alẹ̀mọ́ mú un rọrùn sí i nítorí pé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò lágbára. A lè ṣí i níbí, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ká ní nọ́ọ̀sì kan fẹ́ bá àwọn oníṣòwò inú ọjà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú 20, ó sì fẹ́ fi 5 sílẹ̀ fún ìbéèrè. Pépà àkọ́kọ́ tó kọ kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe ló kọ síbẹ̀: "Kí kálukú wọn lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò kí oṣù yìí tó parí." Òkè ògiri ló lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ó lè máa wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó da gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jáde, èrò kan sí pépà kan, láìtò wọ́n. Máákà ló fi kọ ọ́, kì í ṣe báírò, torí pé máákà nípọn, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ju mẹ́fà tàbí méje gba orí pépà. Kò kọ orúkọ lásán sílẹ̀. Bó bá kọ "Iyọ̀," kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n "Iyọ̀ wà nínú mágí náà" ti ní ohun tó ń sọ. Bí "àti" bá wọ inú pépà kan, ó ṣeé ṣe kí èrò méjì wà níbẹ̀, ó sì yẹ kó pín in. Nígbà tó ṣe tán, pépà 26 ló wà lára ògiri.

Ó wá kó àwọn tó jọra pọ̀, ó sì tò wọ́n bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ṣe máa ń tò wọ́n: ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́, oríṣi rẹ̀, ohun tó ń fà á, àmì rẹ̀, ewu rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó kà á sókè. Ibí yìí ni ògiri ti wúlò jù, torí pé kọ̀ǹpútà kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn wá lẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé pépà tó sọ pé "Ọ̀pọ̀ tó ní in kò mọ̀ ọ́n lára" sá pamọ́ sí àárín. Bẹ́ẹ̀, èyí gan-an nìdí tó fi yẹ kí ẹni tí ara rẹ̀ le lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó ṣí i, ó gbé e síwájú gbogbo ìyókù.

Bó ṣe ń kà á, ó ń tẹ́tí sí oríkèé láàárín pépà méjì. Níbi tí "nítorí náà" tàbí "ṣùgbọ́n" bá ti so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ. Níbi tó bá ti jẹ́ "ohun mìíràn tún ni pé" nìkan ló rí sọ, oríkèé ibẹ̀ kò dúró dáadáa. Èyí ló mú kó yọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ ríru, orúkọ oògùn àti bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ kúrò. Kò jù wọ́n nù. Ó lẹ̀ wọ́n sí igun ògiri, torí pé ẹnì kan lè béèrè wọn.

Pépà 13 ló ṣẹ́kù. Ó kọ iye ìṣẹ́jú sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sọ̀rọ̀ náà jáde pẹ̀lú aago lọ́wọ́, àròpọ̀ rẹ̀ sì já sí ìṣẹ́jú 22. Ewu ló gba àkókò jù: rọpárọsẹ̀, kíndìnrín, ojú, ọkàn, pépà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú rọpárọsẹ̀ nìkan, torí pé kò sẹ́ni tí kò tíì rí i rí ládùúgbò. Pépà kan lórí ìtàn àìsàn náà tún tẹ̀ lé wọn lọ sí igun. Mẹ́sàn-án ló kù, wọ́n sì wọ inú ìṣẹ́jú 15.

Ìgbà yìí ló tó bi ara rẹ̀ pé èwo nínú wọn ló nílò àwòrán. Mẹ́rin péré ni: nọ́ńbà 140/90 lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìfúnpá wò, ṣíbí tíì kan tí iyọ̀ kún, èyí tó lé díẹ̀ ní gíráàmù 5 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ òòjọ́ àgbàlagbà má tó, ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú apá kan ara rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti lè yẹ ara wọn wò pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wúruwùru sórí pépà tirẹ̀. Márùn-ún tó kù, ẹnu ni yóò fi sọ wọ́n.

Àwọn nǹkan kéékèèké lè da iṣẹ́ yìí rú. Bí a bá ṣí pépà láti ìsàlẹ̀ sókè, á ká, kò ní pẹ́ tó fi máa já bọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ ká ti ṣí i. Ògiri tó ní eruku tàbí tí wọ́n fi ẹfun kùn kì í gbà á. Ilẹ̀kùn tó ń dán tàbí tábìlì dára jù, kí ẹ sì pa fáànù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó ká a kúrò. Ẹni tí kò bá rí pépà alẹ̀mọ́ rà lè gé pépà lásán, kó tò ó sórí tábìlì.

Ọ̀nà yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bó bá jẹ́ iye owó tàbí èsì ìwádìí ni ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí nọ́ńbà yín ń sọ kí ẹ tó kọ ọ́ sórí pépà. Pépà kò sì lè sọ fún yín bóyá ẹni tó jókòó sẹ́yìn máa rí lẹ́tà inú síláìdì kà. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan la ti ń mọ ìyẹn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà bá wá ṣí PowerPoint, síláìdì mẹ́rin ló kù fún un láti ṣe. Bí ìkarùn-ún bá ń wù ú, kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí pépà, kó wá ibi tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ láàárín àwọn mẹ́sàn-án, kó sì sọ èyí tí yóò yọ kí ìṣẹ́jú 15 má bàa kún jù. Bí kò bá rí èyí tó máa yọ, kó fi í sí igun pẹ̀lú àwọn yòókù.