Oríkèé Ìka Tó Kọ̀ Tí Kò Pọ́n

Ní sáà tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn pé kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kí ó tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo ti rí ọmọbìnrin kan láàárín èrò tó wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ dúdú kirikiri. Awọ ibẹ̀ nípọn, ìpara tí wọ́n fi ń bóra kì í tètè ràn án, bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyẹn. Mo ká ìwé tí mo kọ wá sínú báàgì. N kò nàka sí i. Gbogbo wọn ni mo bá wí.

Mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, aró kan wà nínú awọ wa tí wọ́n ń pè ní mẹ́lánìn. Agboòrùn ni, òun ló ń gba ìtànṣán oòrùn kó má baà wọlé pa wá lára. Ẹni tó ń bóra ń ya agboòrùn ara rẹ̀ ni.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara náà. Èkíní ni sítẹ́rọ́ìdì. Oògùn gidi ni, dókítà a máa kọ ọ́ fún àrùn awọ, fún ìgbà díẹ̀ àti lójú ibi kékeré. Ẹni tó bá ń fi í para láti orí dé ẹsẹ̀ lóṣooṣù, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Mo sọ fún wọn nípa obìnrin kan tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bí dókítà ṣe ń fa òwú láti rán ojú ọgbẹ́ náà ni awọ ń ya bíi bébà tó rin, ojú ọgbẹ́ ọ̀hún sì pẹ́ kó tó san.

Èkejì ni mákúrì. Ó máa ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa ń bà jẹ́. Ìtọ̀ á máa hó, ojú àti ẹsẹ̀ á máa wú. A máa lẹ̀ mọ́ táwẹ́ẹ̀lì àti ìrọ̀rí, ọmọ ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kan sì lè gbà á níbẹ̀. Bí ìpara bá kọ ọ́ síra pé kí ó má kan góòlù tàbí fàdákà, tàbí tí ẹ bá rí Hg lára rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà síra. Èyí tí wọ́n pò lọ́jà, tí kò ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà NAFDAC, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó jẹ́. Lọ́dún 2023 ni àjọ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ara bíbó ti di pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. “Mà, ẹni tó ti ń lò ó ńkọ́?”

Ìbéèrè àgbà ni. Mo ní kí ẹni náà gbé ike ìpara rẹ̀ lọ bá dókítà. Èyí tó ní mákúrì, ojú ẹsẹ̀ ni kó pa á tì. Èyí tó ní sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, tó ti pẹ́ lára, dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, torí pé awọ lè gbiná, ó sì lè rẹ ara sílẹ̀ bí èèyàn bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù. “Ta ni wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ sọ lórúkọ ní kíláàsì?” Ọwọ́ gbogbo gbòde. Ọmọ inú súwẹ́tà náà gbé tirẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Èdè wa ní adúmáadán, ó ní apọ́nbéporẹ́, ẹwà la pe méjèèjì. Ibo la ti wá rí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí à ń pe ọmọ ẹlòmíràn? Mo rán wọn létí Ọ̀rúnmìlà nínú ìtàn Ifá. Ó lé Ìwà, ìyàwó rẹ̀, jáde nílé, gbogbo ọlá rẹ̀ sì bá a lọ, títí tó fi di ẹni tó ń wá a láti ilé dé ilé. Sùúrù ni baba Ìwà nínú ìtàn náà. Mo ní kí wọ́n wo ẹnu ara wọn kí wọ́n tó wo awọ ẹnikẹ́ni, torí èmi kò gbà pé dígí ló kọ́kọ́ rán ọ̀pọ̀ wọn lọ ra ìpara.

Nígbà tí a túká, ọmọ náà wá bá mi. Ó yọ ike kékeré kan jáde, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Mo bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó pe ìyá rẹ̀. Ìyá dé, ó kí mi dáadáa, ó wo ike náà, ó sì rọra ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn. Mo ti rí oríkèé ìka tirẹ̀ náà.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ló ti gbà á.”

Mo ní kí àwọn méjèèjì jọ wá lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n gbé ike náà dání.