Àmì Tí Ó Kẹ́yìn Nọ́ńbà: Bí Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Gbólóhùn Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ojú onímọ̀ èdè ni a ó fi wò ó. Kí èyí má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gbólóhùn ni ìṣirò tí a bá kọ sílẹ̀. Ó ní ètò tirẹ̀, ó sì lè ní ìtumọ̀ méjì bí a kò bá mọ èwo ni ó ṣáájú nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ní kí a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ nọ́ńbà kan nínú èdè wa. Márùndínláàádọ́ta ni à ń pe 45. Bí a bá tú orúkọ yìí palẹ̀, a ó rí i pé àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ni ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ ní ìlànà tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé, tí a sì fi àmì ìràwọ̀ dúró fún ìsọdipúpọ̀ bí ó ti wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, báyìí ni yóò rí:

```
20 * 3 - 10 - 5
```

Ìlànà yìí ni a ó máa pè ní àmì-láàárín, nítorí pé àárín nọ́ńbà méjì ni àmì máa ń wà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìkọsílẹ̀ nìkan kò sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí ó bá ti ọwọ́ òsì bọ̀ yóò rí 45. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọ 5 kúrò nínú 10 yóò wá yọ 5 kúrò nínú 60, yóò sì rí 55. Márùndínláàádọ́ta ti di márùndínlọ́gọ́ta, bẹ́ẹ̀ ni a kò yí àmì kan ṣoṣo padà. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀ ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ga ju ìròpọ̀ àti ìyọkúrò lọ, pé bí ipò àmì méjì bá dọ́gba kí a ti ọwọ́ òsì bọ̀, àti pé ohun tí ó wà nínú àkámọ́ ni ó ṣáájú.

Ní ọdún 1924 ni Jan Łukasiewicz, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì, ronú kan ìlànà ìkọsílẹ̀ tí kò nílò àkámọ́ rárá. Ó gbé àmì ṣíwájú ohun tí àmì náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí a bá yí ìlànà yẹn po, tí a gbé àmì sẹ́yìn, a ó ní ohun tí a ó máa pè ní àmì-lẹ́yìn. `5 - 3` yóò di `5 3 -`. Nínú ìlànà yìí, gbàrà tí a bá ti kan àmì ni a ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìyè méjì tí ó kángun sí i lẹ́yìn. A kò ní máa ronú èwo ni ó ga, a kò sì ní wá àkámọ́.

Báwo ni a ó ṣe wá gbé gbólóhùn kúrò nínú ìlànà kìíní bọ́ sínú èkejì? Ní ọdún 1961 ni Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, kọ ìròyìn kan nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti mú kí kọ̀ǹpútà lóye èdè ALGOL 60. Ọ̀nà tí ó ṣàlàyé níbẹ̀ ni a ó lò. Ó fi í wé ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ rélùwéè, níbi tí wọn yóò ti ti ọkọ̀ kan sí ojú irin ẹ̀gbẹ́, kí òmíràn lè kọjá, kí ti ẹ̀gbẹ́ tó tún padà bọ́ sójú ọ̀nà.

Ojú irin ẹ̀gbẹ́ yẹn ni a ó pè ní àtòlérí. Ẹ wo àwo oúnjẹ tí a fọ̀ tán tí a ń tò lé orí ara wọn. Èyí tí a tò kẹ́yìn ni ó wà lókè, òun náà ni a ó sì kọ́kọ́ mú. A kò lè fa ti ìsàlẹ̀ yọ. Gbogbo òfin àtòlérí kò ju èyí lọ.

Láti yí gbólóhùn padà, a ó máa kà á láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà kì í dúró. Ìlà èsì ni a ó kọ ọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Bí a bá kan àmì, kí a tó gbé e sórí àtòlérí, a ó wo àmì tí ó wà lókè níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ti òkè náà bá ga ju tuntun lọ, tàbí tí ó bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, a ó máa gbé ti òkè lọ sí ìlà èsì. Lẹ́yìn èyí ni tuntun yóò tó gun orí àtòlérí. Àkámọ́ tí ó ṣí máa ń gun orí àtòlérí láìbéèrè, kò sì sí àmì tí ó lè lé e kúrò. Nígbà tí a bá kan àkámọ́ tí ó padé, a ó kó gbogbo àmì tí ó wà lókè èyí tí ó ṣí lọ sí ìlà èsì, a ó sì sọ àkámọ́ méjèèjì nù. Bí gbólóhùn bá parí, a ó kó àwọn àmì tí ó kù jáde láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi `60 - (10 - 5) * 2` dán an wò. Èyí ni bí nǹkan ṣe ń lọ: ohun tí a kà ni ó ṣáájú, ìlà èsì tẹ̀lé e, àtòlérí ni ó kẹ́yìn, òkè rẹ̀ sì wà ní apá ọ̀tún.

```
60 | 60            |
-  | 60            | -
(  | 60            | - (
10 | 60 10         | - (
-  | 60 10         | - ( -
5  | 60 10 5       | - ( -
)  | 60 10 5 -     | -
*  | 60 10 5 -     | - *
2  | 60 10 5 - 2   | - *
   | 60 10 5 - 2 * - |
```

Ẹ kíyè sí ibi méjì. Àmì ìyọkúrò kejì kò lé ti àkọ́kọ́ kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò wọn dọ́gba, nítorí pé àkámọ́ dúró bí ògiri láàárín wọn. Bákan náà, nígbà tí ìràwọ̀ dé, ìyọkúrò ni ó bá lókè. Ìyọkúrò rẹlẹ̀ sí i, nítorí náà ìràwọ̀ gùn ún lórí, òun ni yóò sì kọ́kọ́ jáde.

Ìṣirò gan-an ni ó kù. Àtòlérí ni a ó tún lò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni yóò wà lórí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bí a bá kan nọ́ńbà, a ó gbé e sókè. Bí a bá kan àmì, a ó mú nọ́ńbà méjì kúrò, a ó ṣe iṣẹ́ àmì náà, a ó sì dá èsì padà sórí àtòlérí. A gbé 60, 10 àti 5 sókè. Àmì ìyọkúrò mú 5 àti 10 kúrò, ó fi 5 rọ́pò wọn; ó ku `60 5`. A gbé 2 sókè. Ìràwọ̀ sọ 5 àti 2 di 10. Ó ku `60 10`. Ìyọkúrò tí ó kẹ́yìn fún wa ní 50. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó kù, òun sì ni ìdáhùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni ètò nọ́ńbà méjì tí a mú kúrò. Èyí tí a kọ́kọ́ mú ni ó wà ní apá ọ̀tún àmì. Èkejì ni ti apá òsì. A mú 5 ṣáájú 10, síbẹ̀ `10 - 5` ni a ó ṣe. Èdè wa pàápàá lè tan ni jẹ níbí, nítorí pé èyí tí a ń yọ ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: márùn-ún dín ní àádọ́ta. Ẹni tí ó bá pa ètò yìí dà nínú àpẹẹrẹ wa yóò kọ́kọ́ rí -5, lẹ́yìn náà -10, yóò sì parí sí -70. Ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ kì í fi àṣìṣe yìí hàn, nítorí náà ìyọkúrò tàbí pínpín ni kí olùkọ́ máa fi dán iṣẹ́ ọmọ wò.

Ibi kejì ni ọ̀rọ̀ "tàbí tí ó bá dọ́gba" tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fò ó, gbólóhùn márùndínláàádọ́ta wa, tí ó yẹ kí ó di `20 3 * 10 - 5 -`, yóò di `20 3 * 10 5 - -`, èyí tí í ṣe 55. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí ó yàtọ̀, àmì ìgbéga. `2 ^ 3 ^ 2` jẹ́ 512 fún àwọn oníṣirò, nítorí pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ti òsì bẹ̀rẹ̀, 64 ni a ó rí. Nítorí náà, bí ìgbéga tuntun bá bá ìgbéga lókè, kò gbọdọ̀ lé e kúrò.

Àtòlérí fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́rìí sí ọ̀pọ̀ àṣìṣe. Bí àkámọ́ bá padé tí a kò rí èyí tí ó ṣí, tàbí tí ọ̀kan tí ó ṣí bá ṣẹ́ kù nígbà tí gbólóhùn parí, a mọ̀ pé ọ̀kan sọnù. Bí àmì bá bèèrè nọ́ńbà méjì tí ẹyọ kan ni ó wà, tàbí tí nọ́ńbà bá ju ẹyọ kan lọ ní ìparí, gbólóhùn náà kò pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni ó ń mú. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì kọ `5 2 +` síbi tí ó yẹ kí ó ti kọ `5 + 2`, ọ̀nà yìí yóò fún un ní 7 láìwí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àmì ìyọkúrò àti àmì tí ó ń sọ pé nọ́ńbà kéré sí òdo. A ní láti fi òfin kún un: bí àmì yẹn bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, tàbí tí ó tẹ̀lé àkámọ́ tí ó ṣí tàbí àmì mìíràn, kì í ṣe ìyọkúrò, kí a sì fi àmì ọ̀tọ̀ dúró fún un. Òfin kan náà, èyí tí ó ń wo ohun tí ó ṣáájú, ni a lè fi mú ẹni tí ó kọ nọ́ńbà méjì tẹ̀léra.

Ní ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé ẹ̀rọ ìṣirò alápò kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HP-35. Kò sí bọ́tìnnì àmì ìdọ́gba lára rẹ̀. Àmì-lẹ́yìn ni ó ń lò, àtòlérí rẹ̀ kò sì gbà ju nọ́ńbà mẹ́rin lọ. Ìṣirò wa tòní kò ju mẹ́ta lọ lórí àtòlérí, yóò sì gbà á pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Èyí tí ó bá nílò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà yóò ti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ dànù, kò sì ní kìlọ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó ní láti tún gbólóhùn rẹ̀ tò, kí ó kọ́kọ́ ṣe apá tí ó jinlẹ̀ jù.

Níbí ni a ó ti fi àlàyé mọ. Ẹ mú `(8 - 3) * (6 - 4)` lọ sílé, kí ẹ fi ìwé àti kálámù tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Bí ìlà èsì yín bá jẹ́ `8 3 - 6 4 - *`, tí nọ́ńbà tí ó ṣẹ́ kù lórí àtòlérí sì jẹ́ 10, ọ̀rọ̀ yé yín.