Bí Àga Tí A Fi Sínú Fọ́tò Yàrá Ṣe Ń Jókòó Dáadáa Sórí Ilẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wá nínú fọ́tò yàrá ni ìlà ojú kámẹ́rà, ìyẹn ìlà ìbú tó wà ní déédéé ibi tí kámẹ́rà ga dé. A ó fa etí táìlì méjì tó ń lọ sínú yàrá gùn títí wọn yóò fi pàdé. Ibẹ̀ ni ìlà náà gbà kọjá.

Ká ní ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 nínú fọ́tò, tí 6 nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìlà náà. Kámẹ́rà ga ní mítà 1.5 nìyẹn. Àga tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 90 yóò gba ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti ìlà náà, níbikíbi tí a bá gbé e sí. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá fi 10 jìnnà sí ìlà, láti ibẹ̀ dé òkè ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 6.

Kámẹ́rà tó ga ju ìjókòó lọ máa ń rí òkè ìjókòó. Bí òkè ìjókòó àga náà kò bá hàn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti yà á. Kò sí bí a ṣe lè tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe tí yóò fi bá yàrá mu, àfi ká wá fọ́tò mìíràn.

Òjìji ló ń mú kí ẹsẹ̀ àga kan ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúdú, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀, kó máa ṣá bó ṣe ń jìnnà, kó sì kọjú síbi tí òjìji tábìlì inú yàrá kọjú sí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là láàárín ẹsẹ̀ àti òjìji, àga yóò dà bí ohun tó ń léfòó.