Gbọ̀ngàn Ti Yí, Aago Ti Yí: Ta Ló Gbọ́, Ta Ni Kò Gbọ́?

Lábẹ́ ìlànà tí àjọ NUC fi lélẹ̀ fún àwọn yunifásítì Nàìjíríà, GST 112 wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń ṣe, ohun yòówù kó wá kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn ni. Ẹni tó ń kọ́ nípa kẹ́mísírì, ẹni tó ń kọ́ òfin àti ẹni tó ń kọ́ èdè Yorùbá lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níbẹ̀. Nítorí èyí, olùkọ́ kan lè ní akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má sì mọ ìdá mẹ́wàá wọn lójú. Àwọn aṣojú kíláàsì ló mọ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwọn sì ni olùkọ́ máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí nǹkan bá yí padà.

Ìfilọ̀ pé kíláàsì ti kúrò ní gbọ̀ngàn kan bọ́ sí òmíràn, tí aago rẹ̀ náà sì yí, lè dà bí ọ̀rọ̀ ìlà méjì péré. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wà nídìí rẹ̀. Yúníìtì 2 ni GST 112, ìyẹn wákàtí 30 láàárín sẹ̀mẹ́sítà. Bí wọ́n bá ń lo wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ìjókòó 15 ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Nínú ìjókòó 15, ìyẹn jẹ́ 12. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ènìyàn lè pa jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sẹ̀mẹ́sítà, ibà sì wà níbẹ̀, ìsìnkú sì wà níbẹ̀. Ìfilọ̀ tí kò dé etí ẹni ti gba ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká tọ̀ ọ́ dé òpin. Ọjọ́bọ̀, aago 10 àárọ̀ sí 12 ọ̀sán, ni kíláàsì náà máa ń wáyé ní Gbọ̀ngàn A, tó gba ènìyàn 250. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ parí, orúkọ 410 ló jáde. Àwọn kan ń dúró sójú fèrèsé, àwọn kan ń jókòó sórí àtẹ̀gùn. Gbọ̀ngàn D gba 500, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń lò ó ní aago 10. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: gbọ̀ngàn ńlá kò pọ̀, ìgbà tó bá ṣófo ni a ó lò ó. Ẹni tó wá gbọ̀ngàn lọ á bá aago tuntun bọ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ lọ ni ọ́fíìsì ẹni tó ń bójú tó táìmùtébù. Kì í ṣe kó yọjú wo gbọ̀ngàn, kó rí i pé ó ṣófo lónìí, kó wá pinnu pé yóò ṣófo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àfi kí wọ́n kọ orúkọ GST 112 sílẹ̀ fún àkókò yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kíláàsì méjì lè pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí táìmùtébù ni yóò wọlé. Ọ́fíìsì náà sọ pé Gbọ̀ngàn D ṣófo ní Ọjọ́bọ̀ nígbà méjì: aago 8 sí 10 àárọ̀, àti aago 2 sí 4 ọ̀sán.

Kí olùkọ́ tó yan ọ̀kan, ó bi àwọn aṣojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà léèrè. Aago 2 wu ọ̀pọ̀ wọn. Àfi aṣojú ẹ̀ka kẹ́mísírì tó dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago 2 ni a máa ń wọ láàbù ní Ọjọ́bọ̀, a kì í jáde títí di aago 5.” Iṣẹ́ láàbù kò ṣeé sún kiri, nítorí wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni yúníìtì kan rẹ̀ ń gbà, ohun èlò àti òṣìṣẹ́ sì ti wà nílẹ̀ fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ló gba odidi ẹ̀ka kan sílẹ̀. Ló bá ku aago 8 sí 10.

Aago 8 yìí ní ewu tirẹ̀. Bí kíláàsì bá sún síwájú láti aago 10 lọ sí aago 2, ẹni tí kò gbọ́ yóò dé ní aago 10, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì, yóò béèrè, yóò sì ṣì bá kíláàsì. Ṣùgbọ́n bó bá padà sẹ́yìn sí aago 8, ẹni tí kò gbọ́ yóò dé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jáde. Kò sí àtúnṣe kankan fún un lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, ìfilọ̀ tó mú aago sún mọ́ òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ jáde ṣáájú fún ọjọ́ tó pọ̀. Olùkọ́ yìí sọ ọ́ lẹ́nu nínú kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún, 2025. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú lórí Wọ́sáàpù báyìí:

“Ẹ̀yin aṣojú kíláàsì GST 112, ẹ kú iṣẹ́ o. Kíláàsì tí a máa ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀, aago 10 àárọ̀ sí 12 ọ̀sán, ní Gbọ̀ngàn A, ti yí padà. Láti Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún, 2025, aago 8 sí 10 àárọ̀ ni, ní Gbọ̀ngàn D, ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ilé ìkówèésí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí sẹ̀mẹ́sítà yóò fi parí. Kò ní sí kíláàsì ní aago 10 mọ́. Gbọ̀ngàn A kò gbà wá ló fà á. Ẹ fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ fi dá mi lóhùn kí aago 8 alẹ́ òní, 9 oṣù Karùn-ún, tó lù. Olùkọ́ GST 112.”

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ibi àtijọ́ ló kọ́kọ́ sọ, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé kíláàsì tòun ni wọ́n ń bá wí. Kò lo “ọ̀la” tàbí “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀”, nítorí pé bí ènìyàn bá fọ́wọ́ọ̀dù ọ̀rọ̀ lórí Wọ́sáàpù, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ kì í tẹ̀ lé e, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ pàápàá kì í tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ka “ọ̀la” ní ọjọ́ Àìkú yóò máa múra fún ọjọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí déètì àti ẹni tó kọ ọ́ fi gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó dárúkọ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, nítorí àwọn ibi ìpàdé mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní Ilé-Ifẹ̀, Gbọ̀ngàn Odùduwà àti Anfitíátà sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi lè dúró síbi kan kó máa retí ohun tó ń lọ ní ìkejì.

Ohun tí àwọn olùkọ́ sì máa ń gbàgbé jù ni kí wọ́n sọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ni àyípadà náà tàbí títí lọ. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á lọ geere, ọ̀sẹ̀ kejì ni kíláàsì á pín sí méjì: apá kan ní Gbọ̀ngàn D, apá kan ní Gbọ̀ngàn A.

Ọ̀rọ̀ wá kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, ó dọwọ́ aṣojú. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ púpọ̀ wà tó nílò irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n aago àti gbọ̀ngàn kò sí lára wọn. Aṣojú tó bá gé ọ̀rọ̀ olùkọ́ kúrú sí “GST ti di aago 8, Gbọ̀ngàn D” ti yọ ọjọ́ kúrò, ó ti yọ “lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀” kúrò, àwọn ọmọ kíláàsì yóò sì fi òru bi í ní ìbéèrè. Kó fi í ránṣẹ́ bó ṣe gbà á. Bó bá ní ohun tó fẹ́ fi kún un, kó kọ ọ́ lọ́tọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí aago 8 alẹ́ lù, ẹ̀ka márùn-ún ló ti dáhùn. Àmì aláwọ̀ búlúù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kò tó ẹ̀rí, nítorí pé ó kàn ń sọ pé wọ́n ti ṣí i ni. Olùkọ́ pe aṣojú ẹ̀ka kẹfà lórí fóònù, kò wọlé. Ó wá igbákejì aṣojú kàn, ó wá hàn pé aṣojú náà ti lọ sílé, iná kò sì sí níbẹ̀ láti fi gba fóònù lágbára. Ká ní olùkọ́ kò béèrè ìdáhùn ni, ẹ̀ka odindi ì bá wà nínú òkùnkùn.

Bí gbogbo aṣojú bá tilẹ̀ dáhùn, àwọn kan wà tí kò sí nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù kankan nínú wọn. Àwọn tó ní kárí-ófà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti wà ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti parí GST 112, aṣojú ọdún kìíní kò sì mọ̀ wọ́n. Àwọn tí orúkọ wọn pẹ́ jáde wà níbẹ̀, àti àwọn tí kò ní dátà. Ìwé ni a fi ń bá irú wọn sọ̀rọ̀: kí ẹ̀dà kan wà lórí bọ́ọ̀dù ìfilọ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí òmíràn wà lára ilẹ̀kùn Gbọ̀ngàn A, kó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ náà yẹ ní rírò kí gbọ̀ngàn tó yí. Bí Gbọ̀ngàn D bá wà lókè, tí àtẹ̀gùn nìkan ló débẹ̀, kò tíì di gbọ̀ngàn kíláàsì yìí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2019 nípa ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ti sọ pé ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀ fún wọn.

Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ orúkọ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni yóò sọ bí ìfilọ̀ náà ṣe rìn, bí olùkọ́ bá tò ó ní ẹ̀ka-ẹ̀ka. Bí ẹ̀ka kan tó máa ń mú 70 wá bá mú 20 wá, tí àwọn yòókù sì pé, ọ̀dọ̀ aṣojú ẹ̀ka yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ka gbogbo ló dín díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wọn, kó jẹ́ aago 8 ló le fún àwọn tó ń ti ìgboro wọ ọkọ̀ wá. Ìpe fóònù kan tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Èkejì ń béèrè pé kí olùkọ́ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣe àtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́ tó kọjá, kí ẹni tó pẹ́ díẹ̀ má bàa pàdánù ẹ̀kọ́ tuntun.

Títí tí ìyàtọ̀ yìí yóò fi hàn kedere, kò yẹ kí wọ́n ṣe ìdánwò kékeré kankan ní gbọ̀ngàn tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì yẹ kí àìwá ọjọ́ náà wọ ìṣirò ìdá 75. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ẹ̀bi bó bá gbọ́ tí kò wá. Ẹni tí wọn kò sọ fún kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.