Awólọ́wọ̀ wo ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wà?

Ní Èkó, òpópónà tó ń jẹ́ Awólọ́wọ̀ wà ní Ìkòyí, òmíràn sì wà ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì yóò sọdá ọ̀sà lásán.

Ẹ pe ṣọ́ọ̀bù náà kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ má ka àdírẹ́sì fún wọn, torí "bẹ́ẹ̀ ni" kò wọ́n lẹ́nu ọlọ́jà. Ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ibùdókọ̀ wo ni kí n bọ́ sí? Kí ló kọjú sí yín?" Kí ẹ wá wo ìdáhùn wọn lórí Google Maps. Bí wọ́n bá fi ojú ibẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó lè jẹ́ ilé ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń tọ́ka sí. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ jókòó sílé.