Ọjọ́ Mẹ́ta Lọ́sẹ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kò pẹ́ rárá tí epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 185 náírà lítà kan fi kọjá 480. Owó ọkọ̀ gbéra, owó oṣù ò kúrò lójú kan. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ dípò márùn-ún.

Irú ìkéde báyìí, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbọ́. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ tì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Olórí Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà ṣètò bí wọn yóò ṣe máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n tún ní fún ìgbà díẹ̀ ni, àti pé àwọn yóò máa ṣọ́ ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ tirẹ̀.

Inú ètò yẹn gan-an ni ìjà máa ń wà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ́fíìsì elèèyàn mẹ́wàá ṣàpẹẹrẹ. Tí wọ́n bá ní kí kálukú mú ọjọ́ tó wù ú, ta ni kò ní mú Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, kó lè so Ọjọ́bọ̀ mọ́ òpin ọ̀sẹ̀? Ká ní èèyàn méje mú un bẹ́ẹ̀: mẹ́ta péré ló kù fún Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Tí akápò àti igbákejì rẹ̀ bá wà lára àwọn méje náà, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó wọkọ̀ láti Ọ̀fà wá wo fáìlì owó rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, yóò bá ènìyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò sí.

Ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi iṣẹ́ so èèyàn ní méjì-méjì. Akápò wá ní Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Igbákejì wá ní Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Ní Ọjọ́rú tí wọ́n bá pàdé ni wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé ara wọn lọ́wọ́, tí wọn yóò sì sọ iṣẹ́ tó kù nílẹ̀.

Ọjọ́ méjì tó kù ńkọ́: ìsinmi ni àbí iṣẹ́? Ní Ẹdó, lákòókò kan náà, Gómìnà Godwin Obaseki sọ ọ́ kedere pé ilé ni òṣìṣẹ́ yóò ti máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì. Ìkéde tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ aago mélòó sí mélòó ni ọ̀gá lè pè ọ́, àti ẹni tí yóò san owó dátà.